Ìwé Tí A Kọ sí Ìyá Olóúnjẹ

Ọ̀rẹ́ mi kan ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ ọnà àwòrán fún àwọn oníṣòwò. Ó ti fi ímeèlì mẹ́rìnlá ránṣẹ́ sí àwọn ilé oúnjẹ ní Ìbàdàn pé òun fẹ́ bá wọn tún ìwé oúnjẹ wọn ṣe, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tí ó dá a lóhùn. Owó ilé rẹ̀ sì ti tó san. Ó na fóònù sí mi, ó ní, "Ìwọ tí o kàwé Yorùbá, bá mi wo ohun tí ó ṣe ọ̀rọ̀ mi."

Mo kà á. "Ọ̀gá mi ọkùnrin" ni ó fi bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kọ ọ́ sí. Ó ka gbogbo ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, láti orí káàdì dé orí pátákó ìpolówó, ó sì so fáìlì ńlá kan mọ́ ìdí rẹ̀. Ta ni yóò fi détà rẹ̀ ṣí fáìlì ẹni tí kò mọ̀ rí, láyé gbájú-ẹ̀ yìí? Mo bi í pé nínú èwo ni ó ti jẹun rí nínú àwọn ilé oúnjẹ náà. Kò tíì jẹ nínú ọ̀kankan.

Ní ọ̀sán Sátidé, a lọ jẹ àmàlà ní ọ̀kan nínú wọn, ní Bódìjà. Ìwé oúnjẹ ibẹ̀ jẹ́ bébà A4 tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Wọ́n to oúnjẹ sínú rẹ̀ bí ti hòtẹ́ẹ̀lì: àmàlà pẹ̀lú ewédú àti ẹran, iye kan, iyán pẹ̀lú ẹ̀fọ́, iye mìíràn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń rà á bẹ́ẹ̀. Oníbàárà á ní kí wọ́n fún òun ní àmàlà méjì, gbẹ̀gìrì àti ewédú, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ méjì. Ọmọ tí ń gbé oúnjẹ á wá máa fi orí ṣírò. Wọ́n ti fi báírò pa iye mẹ́ta rẹ́, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ méjì. Kí a tó jẹun tán, mo ti gbọ́ "Eélòó ni?" nígbà mọ́kànlá. (Kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n mo gbé ìyẹn mì, kì í ṣe tèmi ni a bá lọ.)

Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kọ ọ́ pé ìwé náà kò dára. Mo ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ ọmọ ìyá náà ni ó ṣe é. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, a gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ni lóòótọ́. Ohun tí a kọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo jẹ àmàlà lọ́dọ̀ yín ní Sátidé, mo sì gbádùn gbẹ̀gìrì yín. Mo ṣàkíyèsí pé àwọn oníbàárà ń béèrè iye owó léraléra, nítorí pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ra òkèlè, ọbẹ̀ àti ẹran, ṣùgbọ́n àpapọ̀ ni ó wà nínú ìwé. Mo lè tún un tò sí ojú ewé kan, kí olúkúlùkù ní ìlà tirẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún ni, ₦30,000, ìdajì ṣáájú. Owó ìtẹ̀wé kò sí nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè kọ́kọ́ ṣe apá ẹran nìkan fún yín láti wò, láìgba owó. Ẹ ṣé mà."

Kò so fáìlì kankan mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, èsì dé, gbólóhùn kan péré: "Bí iye owó bá yí padà lọ́jọ́ Ajé ńkọ́, ṣé màá tún san owó ni?"

A wo ara wa. Ìbéèrè yẹn ni ó yẹ kí àwa fúnra wa ti bi ara wa, nítorí ìwé tí wọ́n fi báírò pa ti sọ ọ́ fún wa. Bí a bá tẹ iye owó mọ́ iṣẹ́ náà, gbogbo ìgbà tí ọjà bá gbówó lórí ni ìyá yóò máa wá a, tí yóò sì tún tẹ òmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi pinnu pé òun yóò fi ibi iye owó sílẹ̀ lófìfo, kí ìyá máa fi máàkà kọ ọ́ lórí ọ̀rá. Ó kọ́kọ́ dán máàkà tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí pátákó funfun wò nílé. Ó fi àkísà tútù nù ún lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ lọ. Ó wá lo èyí tí omi kì í pa rẹ́. Ìyẹn dúró gbọin-in lábẹ́ àkísà, ṣùgbọ́n òwú tí a fi sípíríìtì rin nù ún kúrò pátápátá. Ohun tí ó fi dá ìyá lóhùn nìyẹn, pẹ̀lú àwòrán apá ẹran. Ìyá san ìdajì owó ní ọjọ́ kejì.

Mo tún ti padà lọ jẹun níbẹ̀. Wọ́n ti yí iye ṣàkì padà, ọwọ́ ìyá fúnra rẹ̀ ni ó sì kọ ọ́. Ẹnì kan ṣì béèrè pé "Eélòó ni?" Ẹja ni ó ń béèrè. Ìyá kọ̀ jálẹ̀ láti kọ iye kankan sí iwájú ẹja, ó ní ẹja kì í tóbi bákan náà.