Ìbéèrè Mẹ́wàá Lórí Ọjọ́ Ọjà

Àyọkà kékeré yìí ni mo kọ fún iṣẹ́ àkàyé àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á ná.

Ọjọ́ Ajé ni ọjà abúlé náà bọ́ sí. Ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀ sì wà nínú ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ń kà. Àkùkọ ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí Àbẹ̀kẹ́ àti ìyá rẹ̀ ru igbá èlùbọ́ jáde nílé. Ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí wọ́n pàtẹ sábẹ́ igi odán. Kò pẹ́ tí ọjà fi kún fọ́fọ́. Aláàárù ń ké pé, "Ẹ yà lọ́nà o!"

Obìnrin kan dúró. "Ẹ kú ọjà o, ajé á wọgbá. Èló ni kóńgò?"

"₦1,000 ni."

Ó ná an ní ₦800. Wọ́n fà á títí, ó já sí ₦900. Obìnrin náà ra kóńgò mẹ́ta, ìyá Àbẹ̀kẹ́ sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe èènì fún un. Lójijì ni òjò ṣú. Ìyá ń ka owó lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Àbẹ̀kẹ́ fa ọ̀rá yọ lábẹ́ àpótí, ó fi bo igbá. Nígbà tí wọ́n ń relé, ìyá rẹ̀ yà lọ́dọ̀ alákàrà, ó ra méjì, ó sì kó méjèèjì lé e lọ́wọ́.

Ìbéèrè mẹ́rin àkọ́kọ́ kò le. (1) Kí ni ìyá Àbẹ̀kẹ́ ń tà? (2) Ibo ni wọ́n pàtẹ sí? (3) Kóńgò mélòó ni obìnrin náà rà? (4) Ta ló ń ké pé kí àwọn èèyàn yà lọ́nà? Ojú ìwé ni ìdáhùn wọn wà, ọmọ tó bá fara balẹ̀ yóò rí i. Síbẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò rí àyọkà náà rárá. Nígbà kan, mo bi wọ́n pé, "Kí ni àwọn èèyàn ń ṣe lọ́jà?" Ẹni tí kò ka ìlà kan dáhùn rẹ̀ kíá. Mo yọ ọ́ kúrò.

Ìkarùn-ún àti ìkẹfà gba kí ọmọ wo ọ̀rọ̀ tó yí ọ̀rọ̀ ká. (5) Kí ni ìtumọ̀ "èènì" nínú àyọkà yìí? (6) Kí ló fi hàn pé àárọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n jáde nílé? Àkùkọ àti ìrì ni ẹ̀rí, ó sì yẹ kí ọmọ dárúkọ ọ̀kan, ó kéré tán.

(7) Èló ni obìnrin náà san lápapọ̀? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣubú. Ẹni tó kọ ₦3,000 dúró síbi iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè. Ẹni tó kọ ₦2,400 mú iye tí oníbàárà ná an. Àwọn méjèèjì mọ ìṣirò, wọn kò kàn ka ìdúnàádúrà náà dópin. ₦2,700 ni.

(8) Ọjọ́ wo ni ọjà náà yóò tún ná? Bí ẹ bá rí "Àbámẹ́ta" nínú ìwé ọmọ, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́ ọjà, Ajé ni ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ni èjì, Ọjọ́rú ni ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rin, Ẹtì ni àrún. Nítorí ọmọ ìgboro tí kò bá ẹnikẹ́ni ná ọjà ọrún rí ni mo ṣe fi àlàyé kíkà náà sínú àyọkà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ohun tí wọ́n gbọ́ nílé ni a ó máa dán wò, kì í ṣe ìwé kíkà wọn.

(9) Kí nìdí tí ìyá fi ra àkàrà fún Àbẹ̀kẹ́? Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ àyọkà yìí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Inú ìyá rẹ̀ dùn nítorí pé ó bo èlùbọ́." Gbogbo kíláàsì ló gbà á. Mo pa gbólóhùn yẹn rẹ́, n kò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ìbéèrè náà sì di ti àwọn díẹ̀. Ọmọ ní láti so òjò, ọ̀rá àti àkàrà pọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn kan kọ ọ́ pé, "Ebi ń pa á." Àyọkà kò sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan, nítorí náà mo máa ń ní kí wọ́n fi ìlà tí wọ́n ti rí i hàn mí.

Ìkẹwàá ló le jù. (10) Lójú rẹ, kí ló dé tí ìyá Àbẹ̀kẹ́ tún fi èènì sí i lẹ́yìn tó ti dín ₦100 lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan? Ìdáhùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ kan lè sọ pé nítorí kí oníbàárà lè padà wá ni, òmíràn lè sọ pé nítorí pé ó ra púpọ̀ ni. Mo gba méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ́ka sí kóńgò mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí ni mo ń fún ní máàkì kíkún.