Àjótán àti Àjókù: Ohun tí Àwọ̀ Ọwọ́ Iná Ń Fi Hàn

Ní Kàrú, níhà ìlà-oòrùn Àbújá, kò ṣòro láti rí sítóòfù gáàsì, sítóòfù kẹrosíìnì àti àdògán eléèédú nínú agbo ilé kan ṣoṣo. Gbogbo wọn ló ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n àwọ̀ iná wọn kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí yóò lè wo ọwọ́ iná kí ó sì mọ̀ bóyá ohun ìdáná náà ń jó tán, tàbí ó ń jó ní àjókù.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya àwọn àwọ̀ náà sọ́tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ‘pupa’ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe iná tí kò bá ti ní àwọ̀ aró. Àwọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan yìí ń kó pọ̀: àwọ̀ ìyeyè, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní pupa rúsúrúsú, àti àwọ̀ ọsàn, tí ó sún mọ́ pupa gidi jù ú lọ. Nídìí ọ̀rọ̀ iná, ìtumọ̀ àwọ̀ méjèèjì lè yàtọ̀ pátápátá. Nítorí náà, àwọ̀ aró, àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ ọsàn ni a ó máa lò níhìn-ín.

Kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn ni gáàsì ìdáná àti kẹrosíìnì ní nínú. Bí wọ́n bá rí ọ́síjìn tó, gbogbo kábọ́ọ̀nù náà yóò di kábọ́ọ̀nù dayọksáìdì, gbogbo háídírójìn yóò sì di oruku omi tí ojú kò rí. Èyí ni àjótán. Gáàsì kan tí ń jẹ́ puropéènì wà lára gáàsì tí a ń rà sínú sílíńdà. Bí ó ṣe ń jó tán nìyí:

C3H8 + 5O2 → 3CO2 + 4H2O

Nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ ni ọ́síjìn, agolo puropéènì kan nílò nǹkan bí agolo afẹ́fẹ́ 24 kí ó tó lè jó tán. Bí afẹ́fẹ́ bá dín sí èyí, àjókù yóò wà.

Sítóòfù gáàsì kì í dúró de ìgbà tí iná bá ràn kí ó tó wá afẹ́fẹ́. Bí gáàsì ṣe ń tú jáde láti ojú ihò tóóró tí ó wà nísàlẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra wọ inú ọ̀pá, àwọn méjèèjì a sì ti dà pọ̀ kí wọ́n tó dé ojú iná. Ọgbọ́n yìí kan náà ni Rọ́bátì Búnsìn lò ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1855 fún iná yàrá àyẹ̀wò tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Nínú irú iná bẹ́ẹ̀, kábọ́ọ̀nù kì í ráyè kóra jọ di èérún. Ègé kéékèèké tí ó já kúrò lára gáàsì bí ó ṣe ń jó ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró. Ìmọ́lẹ̀ náà kì í pọ̀, ṣùgbọ́n iná náà gbóná gan-an.

Bí gáàsì kò bá bá afẹ́fẹ́ dà pọ̀ tó, ooru yóò fọ́ ọ kí ọ́síjìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ yóò kóra jọ di èérún dúdú tí ó kéré púpọ̀, ooru yóò sì mú kí èérún wọ̀nyí pọ́n bí irin tí alágbẹ̀dẹ tì bọ iná. Pípọ́n wọn ni àwọ̀ ìyeyè tí a ń rí. Máíkẹ́lì Fáradè fi èyí han àwọn ọ̀dọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí àbẹ́là, láàárín ọdún 1860 sí 1861. Nígbà tí ó ti ẹnu ọ̀pá gíláàsì bọ ibi tí ọwọ́ iná ti mọ́lẹ̀ jù, èéfín dúdú ni ó gba inú ọ̀pá náà jáde. Nǹkan dúdú yìí gan-an ni ó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò.

Àwọ̀ ọsàn ni ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí a fi ilé ìdáná kan ní Kàrú ṣe àpẹẹrẹ, ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku gbòde. Sítóòfù gáàsì náà ní ojú méjì. Lójú àkọ́kọ́, iná jẹ́ àwọ̀ aró, ṣùgbọ́n àwọ̀ ọsàn ń ṣẹ́ yẹ́ríyẹ́rí nínú rẹ̀. Lójú kejì, ṣóńṣó gbogbo ọwọ́ iná jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, wọ́n gùn, wọ́n sì ń mì. Kí a fi àkísà gbígbẹ di ọwọ́ ṣíbí irin kan mú, kí a sì na ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọwọ́ iná fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Lójú àkọ́kọ́, ṣíbí náà kò dúdú. Eruku tàbí iyọ̀ ni ó fa àwọ̀ ọsàn yẹn, nítorí sódíọ̀mù inú iyọ̀ a máa pa àwọ̀ iná dà, kódà bí gáàsì bá ń jó tán. Irú rẹ̀ ni a ń rí bí omi ọbẹ̀ oníyọ̀ bá hó dà sórí iná. Lójú kejì, ẹ̀yìn ṣíbí dúdú kirikiri. Àjókù nìyẹn.

Bí sítóòfù bá ti tutù, tí a sì ti ti gáàsì pa, kí a yọ orí ojú iná kejì, kí a fọ oúnjẹ tí ó dí àwọn ihò rẹ̀, kí a gbá eruku tàbí owú aláǹtakùn kúrò ní ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kí a sì gbé orí náà padà kí ó jókòó dáadáa. Bí àwọ̀ ìyeyè kò bá lọ lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ atúnsítóòfù-ṣe ni.

Èédú ni ó fi ibi tí ẹ̀kọ́ àwọ̀ mọ hàn. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáná èédú, ọwọ́ iná aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ a máa jó lórí rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ iná gáàsì lè rò pé àmì àjótán ni. Kábọ́ọ̀nù mọnóksáìdì ni ó ń jó níbẹ̀: èédú ti jó ní àjókù nísàlẹ̀, àjókù náà sì ń bá afẹ́fẹ́ pàdé lókè. Nígbà tí ọwọ́ iná bá kú, tí ó ku ẹyinná pupa nìkan, kì í ṣe pé kábọ́ọ̀nù mọnóksáìdì ti tán. Ó lè máa jáde láìjó, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sì ní èéfín. Àsìkò yìí gan-an ni àwọn ènìyàn máa ń gbé àdògán wọ yàrá ní òru ọyẹ́, tí wọn yóò ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, nítorí èéfín ti lọ. Ẹ̀fọ́rí, òòyì ojú àti èébì ni àmì májèlé náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti sùn lọ lè má rí àmì kankan kí ó tó kú. Ìta gbangba ni ààyè àdògán, àwọ̀ yòówù kí iná rẹ̀ ní.