Húlúbà Tí Wọ́n Rẹ Mọ́jú: Ohun Tó Ń Ṣe sí Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Omi Ọmú

Húlúbà jẹ́ hóró kékeré aláwọ̀ ìyeyè rúsúrúsú, tó korò lẹ́nu, tó sì le lábẹ́ eyín. Ìdílé ẹ̀wà àti ẹ̀pà ló ti wá. Orílẹ̀-èdè Íńdíà ló ń gbìn ín jù lọ láyé, pàápàá ní ìpínlẹ̀ Rájásítánì. Mẹ́tì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n sì ń fi í se ọbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá àti àwọn Hausa ni orúkọ tí àwọn alágbo ọjà ilẹ̀ Yorùbá ń pè é ti wá. Oríṣi èèyàn méjì ló sábà máa ń wá a: ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àti abiyamọ tí omi ọmú rẹ̀ kò tó.

Ohun tí rírẹ ń ṣe kò ṣòro láti rí. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, hóró náà á ti wú, á ti rọ̀, omi rẹ̀ á sì máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Fáíbà tó ń yọ̀ yìí tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin hóró náà. Nígbà tó bá dé inú ikùn, ó máa ń ki pọ̀ mọ́ oúnjẹ, kì í jẹ́ kí oúnjẹ tètè kúrò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà tó wà nínú ẹ̀bà tàbí búrẹ́dì á máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀ dípò kó rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n mu ún ṣáájú oúnjẹ, kì í ṣe wákàtí mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí yìí kan náà ló fà á tí ẹni tó mu omi rẹ̀ nìkan, tó sì da hóró nù, fi ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní rẹ̀ nù. Inú hóró ni púpọ̀ nínú fáíbà náà ṣì wà.

Àwọn olùwádìí kan ní Ìráànì gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2009 tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Wọ́n fún àwọn alátọ̀gbẹ ní gíráàmù 10 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn kan mu èyí tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná, àwọn yòókù fi tiwọn sínú yúgọ́ọ̀tì. Ṣúgà òwúrọ̀ àwọn tó mu èyí tí wọ́n rẹ sínú omi gbígbóná wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n ti àwọn oníyúgọ́ọ̀tì kò yí padà lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Àwọn tó parí ìwádìí náà kò pé ogún, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi búra. Síbẹ̀, ó fi hàn pé ọ̀nà tí wọ́n gbà lò ó kì í ṣe ohun kékeré.

Gíráàmù 10 kò kún ṣíbí ọbẹ̀ kan tán. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ṣíbí tíì kan, tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin, dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí inú fífẹ́, èéfín ìdí àti ìgbẹ́ gbuuru ni àwọn ohun tó máa ń kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n á ṣa hóró náà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e lórí nínú ife, wọ́n á sì dé e. Tó bá ti tutù, inú fíríìjì ló yẹ kó sùn. Ìkìlọ̀ yìí ní ìtàn. Ní ọdún 2011, àwọn èèyàn tó lé ní 50 kú ní ilẹ̀ Yúróòpù, púpọ̀ jù lọ wọn ní Jámánì, nítorí kòkòrò àrùn kan tó wà lára húlúbà tí wọ́n jẹ́ kó hù kí wọ́n tó jẹ ẹ́ ní tútù. Íjíbítì ni àwọn aláṣẹ tọpa irúgbìn náà dé. Ohun tí wọ́n rẹ fún òru kan kò tíì dà bí èyí tó hù fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n ooru àti omi ni àwọn méjèèjì jọ ní. Èyí tó bá ti ń rùn kíkan, tàbí tó ti yọ ìrù funfun, ààtàn ló kàn.

Ewu tó tóbi jù fún alátọ̀gbẹ ni kí ṣúgà wálẹ̀ jù. Bí a bá mú ọkùnrin kan tí ṣúgà òwúrọ̀ rẹ̀ jẹ́ 160, tó ń lo mẹtifọ́mìn nìkan, ìdá kan nínú mẹ́rin á gbé e wá sí 120, èyí sì dára fún un. Ẹlòmíràn ń lo Dáónìlì tàbí abẹ́rẹ́ ìnsúlíìnì, ṣúgà tirẹ̀ sì ti wà ní 110. Bó bá mu húlúbà, tó lo oògùn rẹ̀, tí iṣẹ́ kò sì jẹ́ kó jẹun àárọ̀, ó lè bọ́ sísàlẹ̀ 70. Ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ebi á pa á lójijì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Kúúbù ṣúgà mẹ́rin tàbí ìdajì ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí kì í ṣe aláìní-ṣúgà ni ìtọ́jú kíákíá. Ẹni tí kò bá lè gbé mì, wọn kò gbọ́dọ̀ da nǹkan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní láti sọ fún dókítà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè dín oògùn kù bó bá yẹ. Ó sì dára kí wákàtí bíi méjì wà láàárín húlúbà àti oògùn oníhóró èyíkéyìí, nítorí ohun tó ń dá ṣúgà dúró nínú ikùn lè dá oògùn náà dúró.

Ti omi ọmú kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìwádìí kan ní Tọ́kì lọ́dún 2011 rí i pé àwọn ìyá tó mu tíì tí húlúbà wà nínú rẹ̀ rí omi ọmú púpọ̀ sí i ní ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, ìwọ̀n ọmọ wọn sì tètè padà sí ti ọjọ́ ìbí. Àmọ́ ewé mìíràn wà nínú tíì náà, àwọn ìwádìí mìíràn kò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Bí húlúbà tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kò lè rọ́pò ohun tó ń mú omi ọmú wá gan-an, ìyẹn ni kí ọmọ máa mu ọmú lemọ́lemọ́, lọ́sàn-án lóru, kó sì mu ún gbẹ. Púpọ̀ nínú àwọn abiyamọ tó rò pé omi ọmú àwọn kò tó, ó tó. Ọmọ tó bá ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lójúmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ karùn-ún, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ti padà bọ̀ sípò kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ń yó. Èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì ló yẹ kó wò ó, kì í ṣe alágbo.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òógùn àti ìtọ̀ ẹni tó ń mu húlúbà á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn dídùn, bíi ṣúgà tó jóná. Sótólónì ni orúkọ èròjà tó ń fa òórùn náà. Agbára rẹ̀ kò kéré: láti 2005 ni òórùn yìí ti ń ṣe àwọn ará Níú Yọ́ọ̀kì ní kàyéfì, kó tó di pé ìjọba ìlú náà kéde ní 2009 pé ilé iṣẹ́ kan tó ń sọ húlúbà di èròjà olóòórùn ní Níú Jásì, ní òdìkejì odò, ló ti ń wá. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ó lè kọjá sára ọmọ. Àìsàn àbímọ́ni kan wà tó ṣọ̀wọ́n, tó sì burú, tó máa ń mú kí ìtọ̀ ọmọ rùn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àwọn dókítà sì ti ṣàyẹ̀wò ọmọ tí ara rẹ̀ le fún àìsàn náà rí, kó tó hàn pé húlúbà ni ìyá rẹ̀ mu. Ìyá tó bá ń mu ún kó sọ ọ́ jáde ní ilé ìwòsàn.

Ẹni tí ẹ̀pà tàbí ẹ̀wà kì í bá lára mu lè rí i pé húlúbà náà ń mú ara òun yún, tàbí kí ojú òun wú. Ẹni tó ní ikọ́ fée sì lè rí i pé èémí òun ń há. Ẹni tó ń lo wafarínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wà nínú ewu kí ẹ̀jẹ̀ máa ya láìdá. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ mu rárá, torí ó lè mú kí ilé ọmọ máa sún kì kí àkókò ìbí tó tó. Ìwọ̀nba tí wọ́n fi ń ta ọbẹ̀ lóòórùn ni kò ní wàhálà.