Bí A Ti Ń Bọ Ẹ̀fọ́ Kí Ó Má Baà Dúdú, Kí Ó Má sì Korò Jù

Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ni àwọn obìnrin tí ń se oúnjẹ tà máa ń dé ọjà Ojúwòyè ní Muṣin láti ra ẹ̀fọ́. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewúro tí wọ́n ń rù kúrò níbẹ̀ a máa tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ọ̀sán, ẹ̀fọ́ rírò ẹlòmíràn á ti dúdú nínú ìkòkò, oníbàárà a sì máa béèrè bóyá ti àná ni. Ẹ̀fọ́ náà kò bàjẹ́, ẹni tí ó tà á kò sì ṣe àbòsí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tí a gbà bọ̀ ọ́ ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Bíbọ ẹ̀fọ́ kì í ṣe sísè é jinná. Ó jẹ́ kíki ewé bọ inú omi tí ń hó fún ìgbà díẹ̀, kí a sì yọ ọ́ sínú omi tútù lẹ́sẹ̀ kan náà. Omi gbígbóná náà ni ó ń ṣe iṣẹ́. Omi tútù ni ó ń dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹni tí ó bá ṣe apá kìíní tí ó sì fi apá kejì sílẹ̀ kò tíì bọ ẹ̀fọ́ tán.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí ń fa dídúdú náà. Èròjà tí ó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀ ni à ń pè ní kilorofíìlì. Richard Willstätter, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gba ẹ̀bùn Nóbẹ́ẹ̀lì ní ọdún 1915 nítorí ìwádìí rẹ̀ lórí èròjà yìí. Ó fi hàn pé irin fífúyẹ́ kan tí ń jẹ́ magníṣíọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ohun kíkan sì wà nínú ewé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ibi ọ̀tọ̀ ni ó wà nígbà tí ewé ṣì tutù. Bí iná bá ti mú ewé pẹ́, ohun kíkan yìí a tú jáde, a lé magníṣíọ̀mù kúrò ní àyè rẹ̀, àwọ̀ ewé a sì dà bí ti ewé tí ń rọ. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni abọ̀fọ́ ní láti ṣe: kí ó lo omi púpọ̀ tí yóò la ohun kíkan náà, kí ó ṣí ìkòkò sílẹ̀ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ lè bá ooru lọ, kí ó sì tètè yọ ewé kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdajì kílò ṣọkọ tàbí tẹ̀tẹ̀ tí a ti ṣà, tí a sì ti fi omi ṣàn dáadáa títí iyanrìn fi tán lára rẹ̀. Omi lítà 5 ni kí a gbé kaná nínú ìkòkò tí ó fẹ̀. A lè fi iyọ̀ ṣíbí kan sí i fún adùn. Kí omi náà hó kùtùkùtù kí a tó da ewé sí i, kí a sì fi igi tẹ̀ ẹ́ rì. Bí omi bá dákẹ́, kí ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó láàárín ìṣẹ́jú 1. Bí ó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewé ti pọ̀ jù fún ìkòkò náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó yẹ kí a bọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí omi bá ti tún hó, ìṣẹ́jú 1 sí 2 tó fún ewé múlọ́múlọ́. A kò gbọdọ̀ dé ìkòkò náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ewé náà yóò tilẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí kò yẹ kí ó yani lẹ́nu: afẹ́fẹ́ tí ó wà láàárín ewé ni ooru lé jáde, tí a fi wá rí àwọ̀ náà kedere. Àkókò yìí gan-an ni kí a fi ajẹ̀rẹ̀ yọ ọ́. Kí a dà á sínú omi tútù tí ó mọ́, tí a ti gbé kalẹ̀ ṣáájú. Omi ẹ̀rọ ní Yábàá tàbí Sùúrùlérè kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù lọ́sàn-án, nítorí náà kí a ní abọ́ méjì, kí a sì gbé ewé láti inú èkíní sí èkejì, tàbí kí a fi yìnyín sí i. Nígbà tí àárín ìdì ewé náà kò bá gbóná sí ọwọ́ mọ́, kí a fún omi rẹ̀ kúrò.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n a da ẹ̀fọ́ gbígbóná sínú ajẹ̀rẹ̀, wọ́n a sì lọ gún ata. Òkè ẹ̀fọ́ náà a tutù, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ ń sè é lọ. Ẹni tí ó bá la irú òkìtì bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé etí rẹ̀ ṣì dára nígbà tí àárín rẹ̀ ti dúdú. Àmì nìyẹn pé iná kọ́ ni ó ba ẹ̀fọ́ jẹ́. Àìtù ú ni.

Ti ewúro yàtọ̀ díẹ̀. Ìkorò rẹ̀ wà nínú àwọn èròjà tí omi lè wẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n wọn kì í jáde bí ewé kò bá fọ́. Kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ ra á pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, kí a fún un, kí a sì da omi tí ń hó fòfò náà nù. Lẹ́yìn èyí, kí a bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí a gbé e sínú omi tútù, kí a sì tọ́ ewé kan wò. Bí ó bá ṣì korò jù, kí a tún fi omi tútù fọ̀ ọ́. Kí a má ṣe dá a padà sórí iná, nítorí iná yóò mú àwọ̀ rẹ̀ lọ kí ó tó mú ìkorò rẹ̀ tán.

Àwọn mìíràn a máa fi kán-ún sí omi. Òtítọ́ ni pé kán-ún ń pa agbára ohun kíkan, ẹ̀fọ́ a sì dúró ní àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń sọ ewé di rọ̀bọ̀tọ̀, ó sì ń ba fítámì B kìíní àti fítámì C jẹ́. Ẹni tí ó bá ní omi púpọ̀ àti ọwọ́ yíyá kò nílò rẹ̀.

Omi tí a fi bọ ẹ̀fọ́ náà ń mú nǹkan lọ. Nínú tẹ̀tẹ̀, ó ń fa ọ́sáléètì jáde, èyí tí kò dára fún ẹni tí òkúta ń yọ lẹ́nu nínú kíndìnrín. Nítorí náà kí a da omi tẹ̀tẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n fítámì C pẹ̀lú ń bá omi lọ, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí ìṣẹ́jú 2 di 10. Gbúre kò nílò irú ìbọ̀ yìí, nítorí omi ara rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Ó kù ìgbésẹ̀ kan. Tòmátì kan, ata náà sì ní kíkan díẹ̀. Bí a bá da ẹ̀fọ́ tí a ti bọ̀ dáadáa sínú wọn, tí a sì fi í sílẹ̀ lórí iná fún ìdajì wákàtí, gbogbo làálàá òwúrọ̀ di asán. Kí ata, epo, irú àti ẹran jinná tán ná, kí omi ọbẹ̀ sì gbẹ. Ẹ̀yìn náà ni kí a da ẹ̀fọ́ sí i, kí a rò ó pọ̀ fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 láìdé ìkòkò, kí a sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tí ń tà títí di ìrọ̀lẹ́ lè fi ẹ̀fọ́ bíbọ̀ rẹ̀ sí ibi tútù lọ́tọ̀, kí ó sì máa rò ó díẹ̀díẹ̀ bí àwọn oníbàárà ti ń dé.