Ìbàdàn Ni Wọ́n Jókòó Sí, London Ni Fóònù Wọn Wà

Àǹtí mi tó ń gbé London wá bá wa ṣe Kérésì n'Íbàdàn. Eré orí tẹlifíṣọ̀n kan wà tí wọn ò tíì wò parí kí wọ́n tó wọ bàálù. Wọ́n so fóònù mọ́ Wi-Fi ilé wa, wọ́n tẹ eré náà, ohun tó jáde ni: This content is not available in your country.

"Ṣé kì í ṣe èmi ni mò ń sanwó ẹ̀ lóṣooṣù ni?"

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú iná lọ, Wi-Fi náà kú. Fóònù bọ́ sórí dátà síìmù London tó wà nínú ẹ̀, ni eré bá bẹ̀rẹ̀. Fóònù kan náà, àga kan náà, Ìbàdàn kan náà.

Nọ́ńbà IP ni ìdí ẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì láìgbé nọ́ńbà yìí dání, òun ni ẹni tó wà lọ́hùn-ún fi ń mọ ibi tí yóò dá èsì padà sí. Àjọ AFRINIC, tó wà ní Mauritius, ló ń pín in fún ilẹ̀ Áfíríkà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tiwa fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 41, 102, 105 tàbí 197. RIPE NCC ní Amsterdam ló ń pín ti Yúróòpù. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni kíkọ nọ́ńbà wọ̀nyí sílẹ̀ pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, ilé-iṣẹ́ tó ń fi fíìmù hàn á sì ra àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Wi-Fi wa gbé nọ́ńbà Nàìjíríà fún Àǹtí. Ṣùgbọ́n síìmù àjèjì kì í sábà já sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbí. Dátà ẹ̀ á kọ́kọ́ padà sí nẹ́tíwọọ̀kì tó ni ín ní London, ibẹ̀ ni yóò ti gba nọ́ńbà. (Iye tí wọ́n bù fún wọn lórí dátà yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sọ ọ́.)

Wọn ò kórìíra wa o. Ẹni tó ni fíìmù kì í ta ẹ̀tọ́ àfihàn ẹ̀ fún gbogbo ayé lẹ́ẹ̀kan. Ó lè ta ti Britain fún ẹnì kan, kó ta ti Nàìjíríà fún ẹlòmíràn, kó sì fi ti ibòmíràn pamọ́ títí owó gidi yóò fi wọlé. Ẹni tó ra ti Britain nìkan tó wá ń fi hàn n'Íbàdàn ti da àdéhùn. Owó tí Àǹtí ń san lóṣooṣù kò sì lè ra ohun tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra ẹ̀ kò rà.

Ọmọ mi ọkùnrin ní òun mọ oògùn ẹ̀. Ó gbé VPN ọ̀fẹ́ kan sórí fóònù Àǹtí, ó sì yan London. Iṣẹ́ VPN ni pé kó gba ohun tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ yín, kó bá yín béèrè ẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ tó wà níbòmíràn. Òun la fi wọ Twitter nígbà tí ìjọba dí i láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù Kìíní 2022. Ìgbà yẹn, ẹnubodè tiwa níbí ni wọ́n tì, Twitter fúnra ẹ̀ kò lé wa. Ti fíìmù yàtọ̀: ẹni tí ẹ ń lọ bá gan-an ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ló bá kù díẹ̀ kí inú wa dùn, ọ̀rọ̀ mìíràn tún jáde, pé ó jọ pé VPN là ń lò. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Àkọsílẹ̀ tí mo ní ẹ̀ẹ̀kan kò mọ sórí orílẹ̀-èdè. Ó tún ń sọ bóyá ilé ènìyàn ni nọ́ńbà kan wà tàbí ilé ńlá tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà jọ sí fún yíyá. Ibi ìkẹyìn yìí ni VPN máa ń wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì lè máa gba ẹyọ nọ́ńbà kan jáde. Ta ló ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn nílé kan? Lórí Netflix, M7111-5059 ni nọ́ńbà àṣìṣe irú ẹ̀.

Nígbà mìíràn, VPN fúnra ẹ̀ ló ń jò. Kí fóònù tó dé ibi kan, ó gbọ́dọ̀ béèrè nọ́ńbà ibẹ̀ lọ́wọ́ DNS. Bí ìbéèrè yìí bá ń gba nẹ́tíwọọ̀kì Nàìjíríà lọ nígbà tí ìyókù ń gba London, ọ̀rọ̀ méjì ni fóònù yín ń sọ. Eré lè má gbé rárá, tàbí kó máa yí bírí-bírí.

Àǹtí gbàgbé VPN náà sí títàn. Lálẹ́, ọmọ mi yan Amẹ́ríkà dípò London, bóyá èyí á gbé. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n fowó ránṣẹ́ láti orí áàpù báńkì wọn nìyẹn. Lójú báńkì, ẹni tó wà ní Nàìjíríà láàárọ̀, tó dé London lọ́sàn-án, ti wà l'Amẹ́ríkà kílẹ̀ tó ṣú. Olè ló ń rìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti àkántì pa, ọjọ́ mẹ́ta la fi bẹ̀ wọ́n.

Bí àṣìṣe tí ẹ ò rí rí bá ń jáde lórí fóònù yín, ẹ kọ́kọ́ pa VPN, kí ẹ ti áàpù náà, kí ẹ tún un ṣí. Bí ó bá ṣiṣẹ́, VPN ni. Bí ó bá padà sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, pé kò sí ní orílẹ̀-èdè yín, ẹ̀tọ́ àfihàn ni. Ẹni tó bá sì ń bọ̀ láti Britain, BBC iPlayer gbà kí ẹ wa eré sórí fóònù nígbà tí ẹ ṣì wà lọ́hùn-ún, kí ẹ sì wò ó níbí. Ẹ wà á kí ẹ tó dé pápákọ̀ òfurufú.