Kí Ló Dé Tí Nọ́ọ̀sì Fi Ń Ní Kí Aláìsàn Dìde?

Wọ́n la ikùn ìyá kan lánàá; lónìí, nọ́ọ̀sì ní kó dìde rìn. Kì í ṣe ìkà. Bí ẹsẹ̀ bá wà lójú kan, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan rẹ̀, kó gòkè lọ dí ẹ̀dọ̀fóró. Ìrìn tún ń ran ìfun tí iṣẹ́ abẹ mú sùn lọ́wọ́ láti jí. Bí ìyá bá ti só, inú nọ́ọ̀sì á dùn.

Ṣùgbọ́n ìrora kì í jẹ́ kéèyàn rìn. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fún un lóògùn, wọ́n á jẹ́ kó ṣiṣẹ́, wọ́n á sì ní kó fi ìrọ̀rí ti ikùn bó bá fẹ́ wúkọ́.

Wọ́n á yẹ ojú ọgbẹ́ wò pẹ̀lú. Bó bá ń pọ́n sí i, tó ń gbóná, tàbí tí ọyún ń jáde, ẹ pe dókítà. Bí ẹsẹ̀ kan bá wú tó ń dunni, tàbí tí mímí ṣàdédé nira, ẹ má ṣe jáfara rárá.