Lẹ́tà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kim: ibi tí ọ̀wọ̀ ń gbé nínú èdè Kòríà

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kòríà Gúúsù fẹ́ kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kim kọ lẹ́tà tí yóò fi jẹ́rìí òun níbi tó ti ń wáṣẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ tẹ̀ nìyí:

```
김교수님에게
교수님이 추천서를 써 줄수 있는지 물어보고 싶어요.
시간이 계시면 다음주에 보러 가겠습니다.
```

Ohun tó ń sọ ni pé: "Mo fẹ́ bi yín bóyá ẹ lè bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Bí ẹ bá ráyè, màá wá rí yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Yóò yé ọ̀jọ̀gbọ́n náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní dùn mọ́ ọn nínú.

Àwa a máa fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, a sì máa fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn ará Kòríà náà mọ ìyàtọ̀ méjèèjì yìí, àmọ́ inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń kó wọn sí. Ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ti ẹni tó ń ka lẹ́tà. "Yo" tó wà níparí ìlà kejì dára lẹ́nu, ó sì dára nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ṣùgbọ́n "sumnida" (`습니다`) ni lẹ́tà àgbà ń fẹ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Akẹ́kọ̀ọ́ wa lo "yo" ní ìlà kan, ó lo "sumnida" ní èkejì, ìyẹn sì ti fi hàn pé kò tíì pinnu ipò tó dúró sí. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì ń kọ ọ́ ní `읍니다` bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé. Òfin àkọtọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1989 ló yí i padà.

Ti ẹni tó ń ṣe nǹkan yàtọ̀. "Si" (`시`) ni wọ́n ń kì bọ àárín ọ̀rọ̀-ìṣe fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí, nítorí náà `줄` gbọ́dọ̀ di `주실`. Ẹnikẹ́ni kì í fi "si" sí ìṣe ara rẹ̀. Tirẹ̀ ni kó wá ọ̀rọ̀ tó ń rẹ ara ẹni sílẹ̀: `물어보고` yóò di `여쭙고`, `보러 가겠습니다` yóò sì di `찾아뵙겠습니다`.

Àṣìṣe tó ṣòro jù láti rí ni `시간이 계시면`. Akẹ́kọ̀ọ́ náà rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́wọ̀ ni `계시다`, ó sì rò ó re. Ṣùgbọ́n ènìyàn nìkan ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, pé ó wà níbì kan. Ohun tó kọ wá túmọ̀ sí pé àkókò ni àgbà tó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun tí àgbà ní ni à ń sọ, `있으시면` ló tọ́. Irú àṣìṣe yìí kan náà ló ń mú kí àwọn tó ń ta kọfí níbẹ̀ máa bọ̀wọ̀ fún kọfí nígbà tí wọ́n bá ń gbé e fún oníbàárà, tí àwọn onímọ̀ èdè sì ń bá wọn wí. Ẹ̀rọ tó ń yẹ àkọtọ́ wò sì lè má rí i, nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí wọ́n kọ ní ìkọkúkọ.

Àlàfo ló kù. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ní Kòríà ló mọ gbólóhùn tó ń sọ pé bàbá wọ yàrá, tó jẹ́ pé bí àlàfo kan bá sún díẹ̀, bàbá ti wọ inú báàgì:

```
아버지가 방에 들어가신다
아버지 가방에 들어가신다
```

Ìlà 41 nínú òfin náà ní kí àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ìdí nìyí tí `께`, tó ń rọ́pò `에게` fún àgbà, kò fi gba àlàfo níwájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni `께서`, tó ń rọ́pò `이`. Ìlà 42 ní kí `수`, tó ń sọ pé nǹkan ṣeé ṣe, dá dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè dá nìkan ní ìtumọ̀. Ibẹ̀ ni `줄수` ti kùnà. Ìlà 48 ló ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára oyè rẹ̀: `김 교수님`.

Ti ọ̀sẹ̀ kò ní òfin tó rọrùn. Atúmọ̀ èdè ìjọba gba ọ̀sẹ̀ tó kọjá, `지난주`, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, `다음 주`, ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì. Àwọn ọmọ onílẹ̀ pàápàá ń ṣì í kọ, kò sì sí ọgbọ́n míì ju kéèyàn ṣí atúmọ̀ èdè náà.

Lẹ́yìn àtúnṣe, lẹ́tà náà rí báyìí:

```
김 교수님께
교수님께서 추천서를 써 주실 수 있는지 여쭙고 싶습니다.
시간이 있으시면 다음 주에 찾아뵙겠습니다.
```

Ní ìsàlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò kọ orúkọ tirẹ̀ láìsí oyè kankan, yóò fi àlàfo kan sí i, yóò sì kọ `올림`, ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé òun gbé lẹ́tà náà sókè fún àgbà.